Gílóòbù Ni Kí O Kọ́kọ́ Rà fún Àníkẹ́

Bódìjà, Ìbàdàn.

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí. Àníkẹ́ bi ọ́ pé ṣé lóòótọ́ ni Gírínláǹdì tó Áfíríkà bó ṣe wà lórí máàpù kíláàsì wọn, o wá ní kó lọ bi bàbá rẹ̀! O ní kí n bá ọ yàn nínú gílóòbù, máàpù ara ògiri àti átíláàsì. Gílóòbù ni o. Ti ayé ni mo ń sọ, kì í ṣe ti iná. Ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n yàn án.

Mú ọsàn kan, má fi ọ̀bẹ bó o bíi ti àwọn olọ́sàn wa níbí, ọwọ́ ni kí o fi ṣí èèpo rẹ̀ kó lè bọ́ lódidi. Ní kí Àníkẹ́ tẹ́ èèpo náà sórí tábìlì kó pẹlẹbẹ. Yóò rí i pé bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ya. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ohun róbótó sórí pépà, àfi kó ya á tàbí kó fà á. Fífà ni ti máàpù kíláàsì wọn. Ayamáàpù kan tó ń jẹ́ Mẹkétọ̀ ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1569 fún àwọn atukọ̀ ojú òkun, kí wọ́n lè fi rúlà fa ìlà kan, kí wọ́n sì máa bá kọ́ńpáàsì lọ. Iṣẹ́ tiwọn, ó ṣe é. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ni ó ṣe ń wú tó lórí rẹ̀. Ká tó Gírínláǹdì bíi mẹ́rìnlá jọ ni yóò tó Áfíríkà. Àní Kóńgò tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kińṣásà nìkan fẹ̀ ju Gírínláǹdì lọ díẹ̀.

Ìwọ̀n gílóòbù náà ṣe pàtàkì. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà fún Dékúnlé kò ju bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé lọ, sẹ̀ǹtímítà 14 ni láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Nàìjíríà kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, orúkọ rẹ̀ sì ti nà wọ inú òkun. Kò tán síbẹ̀. Pépà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn máa ń jẹ́ ti apá òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìlà agbedeméjì ayé ni méjèèjì ti ń pàdé. Lórí tèmi, wọn ò pàdé dáadáa: etí Adágún Fikitóríà já sí méjì bí àwo tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Sùdáàn ṣì jẹ́ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ 2011 ni Gúúsù Sùdáàn ti yà kúrò. Ọjà àtijọ́ ni wọ́n tà fún mi, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó.

Wá èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Lórí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 425, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Fún Àníkẹ́ ní òwú. Kó di orí kan mú lórí Lọ́ńdọ̀nù, kó na ìyókù dé Lọsi Ańjẹ́lísì lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, kó fà á le dáadáa. Òwú náà yóò gba orí Gírínláǹdì kọjá! Àníkẹ́ lè má gbà á gbọ́. Ní kó tún un fà, ibì kan náà ni yóò gbà. Kó wá fi rúlà wọn òwú náà, yóò tó sẹ̀ǹtímítà 20 àti ààbọ̀. Ẹ jọ sọ ọ́ di kìlómítà: ó lé ní 8,700. Lórí máàpù kíláàsì, ìlà tààrà láàárín ìlú méjèèjì kò ní dé tòsí Gírínláǹdì rárá. Dékúnlé fi òwú ṣe é títí òwú mi fi tán nínú ẹ̀rọ ìránṣọ.

Máàpù ògiri lè tẹ̀ lé e nígbà Kérésì. Bí o bá dé ìsọ̀, wo Kóńgò àti Gírínláǹdì. Bí Gírínláǹdì bá fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, gbé e padà síbi tí o ti mú un. Átíláàsì ní tirẹ̀ lè dúró di ìgbà tí Àníkẹ́ bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orúkọ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún un báyìí, ojú ewé lásán ni yóò máa ṣí.

Kí o tó sanwó gílóòbù yẹn, ya fọ́tò Adágún Fikitóríà ránṣẹ́ sí mi, kí n rí i bóyá etí rẹ̀ pàdé. Bá mi kí bàbá Àníkẹ́.

Èmi ni,
Títí rẹ