Má ṣe gbé abọ́ kejì pamọ́

Àjọkẹ́ mi,

Mo ka ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ níbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ yín, mo sì rí àwòrán abọ́ méjèèjì tí o da ágà sí, èròjà dídì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀. O ní o fẹ́ gbé abọ́ kejì pamọ́, torí pé nǹkan ṣì hù níbi tí o fi ìka tí o ti fọ̀ tẹ̀. Jọ̀wọ́, má gbé e pamọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Wo abọ́ kìn-ín-ní, èyí tí o fi ìka tí o kò tíì fọ̀ tẹ̀, dáadáa. Ohun tó hù níbẹ̀ kò jọra: òmíràn fẹ̀, òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nínú abọ́ kejì, tótòtó funfun kéékèèké nìkan ló kù. Bí mo ṣe ń rí i ní láàbù wa, ó jọ Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì ẹpidẹ́mídìsì, bakitéríà tó ń gbé lára gbogbo wa. Onílé ni. Ó ń sá sínú awọ, níbi tí irun ti hù, ọṣẹ kì í lè lé e tán. Nígbà mìíràn, fífọwọ́ a tilẹ̀ tú u jáde sójú awọ, tí èyí tó máa hù á fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àlejò ni ọṣẹ ń lé: àwọn tí a kó lára owó, ilẹ̀kùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, irú E. koli, tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọ̀rá àti ìdọ̀tí ojú awọ.

Nítorí náà, pa gbólóhùn tó ní "ọṣẹ ń pa gbogbo kòkòrò" rẹ́. Mólékù ọṣẹ ní orí tó fẹ́ràn omi, àti ìrù tó ń sá fún omi tó sì ń wá ọ̀rá kiri. Bí o bá ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ìrù á wọ inú ọ̀rá, orí á kọjú sí omi, wọn á ká ọ̀rá náà mọ́ àárín, omi á sì gbé e lọ tòun ti àlejò inú rẹ̀. Bakitéríà náà lè wà láàyè bó ṣe ń bá omi lọ. Ti fáírọ́ọ̀sì bíi Kòrónà àti Ẹ̀bólà yàtọ̀: ọ̀rá ni aṣọ wọn, ìrù ọṣẹ a sì máa fà á ya.

Epo pupa ni kí o fi hàn wọ́n. Kí ọmọ kíláàsì rẹ mẹ́ta fi epo díẹ̀ ra ọwọ́. Kí ọ̀kan fi omi nìkan fọ̀ ọ́, kí èkejì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ̀kẹta lo ọṣẹ fún 20, kí wọ́n wá nu ọwọ́ sí tísù funfun. Yẹ àárín ìka àti abẹ́ èékánná ẹni èkejì wò. Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ nínú abọ́ kan náà bí a ti ń ṣe níbi àpèjẹ, torí ohun tó kúrò lára ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó tẹ̀ lé e á ki ọwọ́ bọ̀. Kí ẹnì kan máa fi ife da omi fún wọn.

Fi téèpù lẹ ìdérí abọ́ ágà méjèèjì pa, kí ẹnikẹ́ni má ṣí wọn. Bí ẹ bá parí, gbé wọn wá fún mi, màá bá ọ sè wọ́n ní láàbù kí a tó dà wọ́n nù.

Èmi ni,
Màmá rẹ