Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ìpolówó ilẹ̀ wa ní Mọ́níyà

Mókọlá, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ àwòrán ilẹ̀ wa ní Mọ́níyà tẹ̀ mí lọ́wọ́ lálẹ́ àná, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú kálámù. Àwòrán náà dára. Ìyá rẹ pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí igi ọsàn tí bàbá mi gbìn, tí ó ṣì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa ń wá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: báwo ni ó ṣe tóbi tó, ìwé wo ló wà lọ́wọ́ onílẹ̀, ọjọ́ wo ni òun lè wá fi ojú òun rí i. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tó rí gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́. Mi ò ní o purọ́ o. Bí gbogbo àwọn tó ń ta ilẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ lórí Wọ́sáàpù ni ìwọ náà ṣe kọ ọ́. Àmọ́ ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n má ṣe ìṣirò rẹ̀.

O kọ ọ́ pé pulọ́ọ̀tì 6 ni a ní, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120. Mo mọ ibi tí o ti rí i. Ojú ilẹ̀ náà tó kọjú sí títì jẹ́ 180 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì wọ inú lọ ní 240, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 43,200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé éékà kan. Nígbà tí o fi 7,200 tí í ṣe pulọ́ọ̀tì kan pín in, ó fún ọ ní 6 géérégé, inú rẹ sì dùn. Wá jókòó kí o ya á sórí bébà. Mẹ́ta yóò wà níwájú, mẹ́ta yóò sì wà lẹ́yìn wọn. Ta ni yóò gbé ẹni tó ra ti ẹ̀yìn kọjá lórí ilẹ̀ ẹni tó ra ti iwájú? Ọ̀nà ni o gbàgbé, àwọn tó ń tà á fún oúnjẹ òòjọ́ sì máa ń gbàgbé rẹ̀ bákan náà, àfi pé tiwọn kì í ṣe ìgbàgbé.

Jẹ́ kí a wá la ọ̀nà gba àárín, kí ó fẹ̀ tó 30 ẹsẹ̀ bàtà láti títì dé òpin ilẹ̀. Ọ̀nà yẹn nìkan yóò jẹ 7,200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, ìyẹn odindi pulọ́ọ̀tì kan nínú èyí tí o ti kà tán. Ohun tó kù ní apá ọ̀tún jẹ́ 75 sí 240, bẹ́ẹ̀ náà ni apá òsì. Bí a bá gé apá kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, a óò ní 6 lóòótọ́, gbogbo wọn yóò kọjú sí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 75 sí 80 ẹsẹ̀ bàtà. Èyí jẹ́ nǹkan bíi mítà 557 onígun mẹ́rin, nígbà tí 60 sí 120 tí o kọ jẹ́ 669. Ohun tó fi dín lé ní mítà 110, ó sì tó ibi tí ènìyàn lè kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta pẹlẹbẹ sí. Ẹni tó bá san owó 669 tó wá bá 557 yóò gbé tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Nítorí náà, má ṣe kọ "pulọ́ọ̀tì" lásán. Pulọ́ọ̀tì ti di ọ̀rọ̀ tí oníkálùkù ń wọ̀n bó ṣe wù ú: 50 sí 100 ni ẹlòmíràn ń pè bẹ́ẹ̀ níbí ní Ìbàdàn, èyí tí kò ju mítà 465 lọ, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń ta mítà 300 tí wọ́n sì ń pe òun náà ní pulọ́ọ̀tì. Kọ iye ẹsẹ̀ bàtà ìhà méjèèjì, kí o sì kọ iye mítà onígun mẹ́rin tẹ̀lé e. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò ṣe é, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rí ẹni bi.

Ìwé ló kàn. O kọ ọ́ pé "gbogbo ìwé wà, títí kan sí-ọ́fù-ó." Àbẹ̀kẹ́, ta ló fún wa ní sí-ọ́fù-ó? Ìwé àṣẹ tí gómìnà ń fọwọ́ sí nìyẹn, láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978 tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. A kò tíì béèrè fún un rí. Ká tiẹ̀ ní a ní in, orúkọ bàbá mi ni yóò wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá rà lọ́wọ́ wa yóò ṣì ní láti gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ilẹ̀ náà tó lè bọ́ sí orúkọ tirẹ̀ lójú òfin. Ohun tó wà nínú àpótí mi ni rìsíìtì tí bàbá mi gbà, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ta ilẹ̀ náà fún un, àti ìwé àwòrán ilẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní sọ́fè, tí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí tí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ olórí awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ni kí o kọ, kí o má fi kún un.

Má fojú kékeré wo sọ́fè yẹn. Nọ́ńbà pílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a rì sí igun ilẹ̀ náà wà lórí rẹ̀, ìwọ̀n láti pílà kan sí èkejì wà níbẹ̀, ohun tí awọnlẹ̀ mìíràn yóò fi mọ ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an lórí máàpù ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Bí olùrà bá mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọn yóò sọ fún un bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ọkùnrin kan gbé wa lọ wọn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nígbà kan. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi wo nọ́ńbà tó wà lórí pílà tó sì wo ti inú ìwé, ó dákẹ́, ó tún wò ó, ó wá ní kí ọkùnrin náà jókòó. Abúlé mìíràn tí ẹsẹ̀ kò lè rìn dé ní wákàtí kan ni ìwé náà ń tọ́ka sí. Ìwé òótọ́ ni, ilẹ̀ òótọ́ náà ni, àmọ́ wọn kì í ṣe ara wọn.

Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ ìwé kan ìdílé wa fúnra wa. Bàbá mi kú láìṣe ìwé ìhágún, ilẹ̀ náà sì ti di ilẹ̀ ẹbí. Ìdí igi méjì ni wá, nítorí pé ìyàwó méjì ni ó fẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà tí í ṣe olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí i, títà náà kò múlẹ̀ rárá lójú òfin. Bí òun nìkan bá sì fọwọ́ sí i láìfi ti ìdí igi kejì ṣe, àwọn yẹn lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì ní kí a dá a padà. Ìwọ kọ "ilẹ̀ mi" sí ìlà kejì. Yọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí ní Òjé ni mò ń lọ ní ọjọ́ Àìkú, n óò sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìdí igi kejì.

Ní ti àbẹ̀wò, o ní "ojoojúmọ́, ẹ ṣáà ti pè." Ìwọ ń ṣiṣẹ́, èmi náà sì ti dàgbà, ta ni yóò máa mú wọn lọ lójoojúmọ́? Àwọn ọmọ adúgbò tí kò mọ ààlà ni, wọn yóò sì nawọ́ sí ilẹ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Fi í sí Sátidé kejì oṣù kẹwàá, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú oṣù kẹwàá ni, nítorí òjò kò tíì dáwọ́ dúró nígbà náà. Igun òsì lẹ́yìn máa ń gba omi dé ọrùn ẹsẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Bí wọ́n bá wá nínú ọ̀gbẹlẹ̀, wọn kò ní rí i, wọn yóò rí i nígbà tí wọ́n bá ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí owó pulọ́ọ̀tì yẹn dín sí ti àwọn yòókù.

Kí ọjọ́ náà tó pé, a gbọ́dọ̀ ro igbó ibẹ̀, kí a sì wá pílà kẹrin jáde, torí ó ti wọlẹ̀ lábẹ́ ewé. Sìmẹ́ńtì kékeré bí orí agolo ni, irin wà láàárín rẹ̀. A óò fi ẹfun kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awọnlẹ̀ yóò sì kan èèkàn sí igun pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá wá wo ilẹ̀ níbẹ̀. Yọ "ìṣẹ́jú márùn-ún sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin" náà kúrò. Ọ̀kadà tó ń sáré pàápàá kò lè ṣe é.

Bí mo ṣe tún un kọ rèé:

"Ilẹ̀ ẹbí fún títà ní Mọ́níyà, Ìbàdàn. Pulọ́ọ̀tì 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 75 sí 80 ẹsẹ̀ bàtà, mítà 557 onígun mẹ́rin, gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà tó fẹ̀ ní 30 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀kan nínú wọn máa ń gba omi lẹ́yìn òjò, owó rẹ̀ sì dín. Ìwé tó wà: rìsíìtì, ìwé àdéhùn, àti sọ́fè gbogbo ilẹ̀ náà ní orúkọ bàbá wa. Kò sí sí-ọ́fù-ó. Olùrà yóò gba rìsíìtì àti ìwé àdéhùn tí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi méjèèjì fọwọ́ sí. Sọ́fè ti pulọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. A óò fún ẹni tó bá fẹ́ ní ẹ̀dà sọ́fè kí ó fi ṣe ìwádìí kí ó tó san owó. Àbẹ̀wò: Sátidé kejì oṣù kẹwàá, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ pàdé wa ní iwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Ẹ lè mú awọnlẹ̀ yín dání."

Má tíì gbé e síta títí n óò fi ti Òjé dé. Tẹ́ẹ̀pù gígùn mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, wá mú un kí o tó lọ síbẹ̀, kí o sì wọ bàtà onírọ́bà nítorí ẹrẹ̀ igun òsì yẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.