Fọ́tò iwájú nìkan kò tó o, Olóòtú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ojú ewé ọjà àlòkù yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àgàgà ìpolówó ẹ̀rọ géèmù. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ni mò ń ṣe jẹun, àìmọye ẹni ló sì ń gbé ẹ̀rọ wá bá mi láìmọ orúkọ ohun tí òun fowó rà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn ìpolówó náà. Ẹni tó fẹ́ tà kọ ọ́ síbẹ̀ pé PS4 Pro ni, pé ẹnikẹ́ni kò tú u rí, àti pé páàdì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ẹ tẹ̀ sí i, láti iwájú. Fọ́tò yẹn nìkan sì ti tó láti fi mọ̀ pé méjì nínú ohun mẹ́ta tó sọ kì í ṣe òótọ́.

Ara ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. PS4 Pro, tó jáde ní 2016, ní ìpele mẹ́ta, bí ìgbà tí èèyàn to ìwé ńlá mẹ́ta lé ara wọn. Èyí tó wà nínú fọ́tò kò ní ju méjì lọ. Igun rẹ̀ mú, ihò USB méjèèjì tó wà níwájú sún mọ́ ara wọn, apá kan orí rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì, ìyókù kò dán, ìlà iná tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níbi tí méjèèjì ti pàdé. PS4 àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó jáde ní 2013. Nígbà tó di 2015, wọ́n ṣe èyí tí gbogbo orí rẹ̀ kò dán mọ́, nítorí náà ibi tó ń dán yẹn ti sọ fún wa pé ọ̀kan lára àwọn tó ṣáájú ni. Kò sì lè jẹ́ èyí tín-ín-rín tí wọ́n ṣe ní 2016: ìyẹn ní igun roboto, kò ní ìlà iná lórí, ihò USB rẹ̀ sì jìnnà síra wọn.

Ó wá ku páàdì. Gbogbo páàdì PS4 ló ní iná ní etí tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ti 2016 ní ohun kan tí ti àkọ́kọ́ kò ní: ìlà iná kékeré kan hàn lókè ojú pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka rá, tí ẹni tó di páàdì mú lè rí láìyí i padà. Nínú fọ́tò yìí, ìlà náà ń tàn rekete. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kí 2016 tó dé kò lè bá páàdì 2016 jáde nínú páálí kan náà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti pààrọ̀ páàdì o, páàdì a máa bàjẹ́. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ ni kó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí fọ́tò iwájú kò lè sọ ni bóyá ojúlówó ni páàdì yẹn. Ẹ̀yìn páàdì 2016 ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà irú rẹ̀, CUH-ZCT2, sí, ayédèrú náà sì máa ń kọ ọ́. Ohun tó ń tú àṣírí ayédèrú jù ni ojú pẹlẹbẹ yẹn: nínú ọ̀pọ̀ wọn ó ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ìka rá a, nǹkan kan kì í yí padà lójú tẹlifíṣọ̀n. Fídíò ló lè fi ìyẹn hàn, kì í ṣe fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kẹta, pé ẹnikẹ́ni kò tú u rí, ẹ̀yìn ẹ̀rọ la ti ń wá a. Àwọn síkúrúù tó di PS4 àkọ́kọ́ mú wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi sítíkà bo díẹ̀ nínú wọn. Bí sítíkà bá ti ya, tàbí tí etí ihò síkúrúù ti họ, ẹnìkan ti wọ inú ibẹ̀. Àmọ́ kí ẹni tó ń rà má torí ìyẹn sá. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, eruku á ti kún inú fáànù rẹ̀, ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára ọpọlọ ẹ̀rọ á sì ti gbẹ. Ní tèmi o, mo fẹ́ràn èyí tí ẹni tó mọṣẹ́ tú tó sì nù ju èyí tí sítíkà rẹ̀ pé tó ń hó bí ọkọ̀ òfuurufú. Sítíkà tuntun sì wà lọ́jà fún ẹni tó bá fẹ́ fi bojú.

Lébẹ́ẹ̀lì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ ṣe pàtàkì ju sítíkà lọ. Ká ní CUH-1001A ló wà níbẹ̀. A tó gbẹ̀yìn yẹn dúró fún háádì dísìkì 500 GB, B ni ti 1 TB. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ní A, tí ojú tẹlifíṣọ̀n wá ń fi àyè bíi 860 GB hàn, wọ́n ti pààrọ̀ dísìkì náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ gba èèyàn láàyè láti pààrọ̀ dísìkì, abẹ́ ibi tó ń dán yẹn ló wà, kò dé ibi síkúrúù ẹ̀yìn rárá. Nítorí náà dísìkì tuntun kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n tú ẹ̀rọ.

Èyí tó ń dun oníbàárà jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n ti kíráàkì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti já ìdènà inú rẹ̀ kó lè gba géèmù tí wọn kò fowó rà, torí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ lóde tó lè fi í hàn. Lórí PS4, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún un tàn, kíráàkì náà á ti kúrò títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹni tó ń tà lè ya fọ́tò ojú tẹlifíṣọ̀n tó mọ́ tónítóní. Ohun tó ṣòro láti fi pamọ́ ni nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà ẹ̀rọ tó wà nínú Settings, System, System Information. Àwọn tó ń kíráàkì kì í jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn gòkè, wọ́n á dá a dúró síbi bíi 9.00, tó jáde ní 2021, tàbí 11.00, ti 2023. Nọ́ńbà àtijọ́ lè jẹ́ ti ẹ̀rọ tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n mú un dé nọ́ńbà tó dé kẹ́yìn, kí wọ́n sì wọ PSN, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, lójú yín. Ẹni tí kò ní ohun tó ń pa mọ́ á ṣe é. Tí ẹ̀rọ náà bá ti gba ìfòfindè, kò ní lè wọlé bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni pé kí ẹ má tẹ ìpolówó ẹ̀rọ géèmù kankan jáde láìsí fọ́tò mẹ́ta: iwájú pẹ̀lú páàdì rẹ̀ tó ń tàn, ẹ̀yìn níbi tí lébẹ́ẹ̀lì àti síkúrúù ti hàn, àti ojú tẹlifíṣọ̀n lórí System Information. Wọ́n lè fi ìka bo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ wọn bí wọ́n bá ń bẹ̀rù olè, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bo CUH àti ohun tó tẹ̀lé e.

Òǹkàwé yín,
Atúnẹ̀rọṣe kan