"Ma lo oogun yii": kí ni kí aláìsàn ṣe?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Èrò mi ni pé kí ilé oògùn kankan ní Kwara má ṣe fún aláìsàn ní ìlànà Yorùbá tí kò ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ma lo oogun yii." Ẹnì kan á kà á sí "Máa lo oògùn yìí", ẹlòmíì á kà á sí "Má lo oògùn yìí". Ó sì lè jẹ́ "Má lọ oògùn yìí" lẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ìyẹn ni pé kí wọ́n má lọ̀ ọ́ kúnná.

Ẹ jẹ́ ká mú nifẹdipíìnì oníwákàtí 12 tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò. Wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Àgbàlagbà tó kà á sí "Máa lo", tí hóró oògùn sì máa ń há lọ́fun, á fẹ́ lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ mímu. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó yẹ kó pín sí wákàtí 12 á wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, ó sì lè ṣubú. Ẹni tó kà á sí "Má lo" ní tirẹ̀ á pa oògùn tì, ẹ̀jẹ̀ á tún ru.

Àwọn atẹ̀wé kan ní ẹ̀rọ àwọn kò ní àmì. (Mi ò gbà, àmọ́ ó dáa.) Ẹ kọ ọ́ báyìí nígbà náà: "Odidi ni kí o gbé e mì." Kí ẹ sì ní kí ẹni tí kò mọ oògùn náà kà á sókè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Apoògùn kan, Ọ̀fà