Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Gún Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Láti Ìtòkú dé Lafẹ́nwá ni wọ́n ti ń gbé e kiri lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ ìyàgàn ni wọ́n gún àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa, àti pé ọmọ kan dákú lójú ẹsẹ̀. Ẹ́kísódù 23:1 kọ̀ fún wa láti tan ìròyìn èké ká, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ọmọ kan sì dákú. Ìyàgàn ni irọ́ tí wọ́n fi kún un.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n kọ HPV fún sára káàdì ọmọ ni. Kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gún un, ní òkè apá. Òṣìṣẹ́ ìlera ló ń gún un, kì í ṣe tíṣà.

Ohun tó ń kọ àwọn òbí lóminú ni pé, kí ló dé tó jẹ́ ọmọbìnrin nìkan, àwọn tí kò tíì mọ ọkùnrin? Ìbéèrè gidi ni. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà fi ń ràn, abẹ́rẹ́ yìí kò sì lè lé èyí tó ti wọ ara jáde. Àfi kó ti wà lára kí kòkòrò tó dé. Obìnrin ló sì ní ilé-ọmọ tí jẹjẹrẹ yìí ń bá jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń fún àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú ní abẹ́rẹ́ náà. Kò sí kòkòrò ààyè kankan nínú rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń lò ó káàkiri ayé, àwọn onímọ̀ tó sì tọpinpin rẹ̀ kò rí i pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Kì í dènà gbogbo irú HPV o, nítorí náà obìnrin tó gbà á ṣì ní láti máa lọ ṣàyẹ̀wò tó bá dàgbà.

Ní ti ọmọ tó dákú, ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ lè mú kí ìfúnpá ọmọ já wálẹ̀ lójijì, pàápàá tí kò bá jẹun, tó sì ti pẹ́ lórí ìlà nínú oòrùn. Òógùn tútù á bò ó, ojú á ṣú u, á sì ṣubú. Wọ́n tẹ́ ọmọ yẹn sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó lajú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó béèrè omi, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sí kíláàsì. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni kí ojú tàbí ètè wú, kí ara sú, kí ọmọ máa mí gúlegúle. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ kíákíá ló máa ń yọjú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kó tó lọ. Apá ríro àti ibà díẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ fún ọmọ lóúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, kó mú káàdì náà lọ bá nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù, ẹ jọ̀wọ́, kó padà sí ibi kan náà lónìí, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe òótọ́.