Abẹ́rẹ́ fúlúù kọ́ ló ń dá fúlúù síni lára

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ń múra Hájì ládùúgbò wa n'Ílọrin ń sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù, wọ́n ní òun gan-an ló ń fa fúlúù. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Òkú ni kòkòrò fúlúù tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Nínú irú mìíràn, ègé ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n lò. Òkú kò lè bí sí i nínú ara, bí kòkòrò náà kò bá sì bí sí i, kò sí fúlúù.

Ẹ wo ti Alájà kan. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Lálẹ́, apá ń ro ó, orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ara rẹ̀ ń dá ọmọ ogun jọ ni. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, gbogbo ìyẹn ti lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ikọ́ dé, imú ń ṣomi, ọ̀fun ń dùn ún. Ló bá ní abẹ́rẹ́ ni.

Rárá o. Abẹ́rẹ́ apá kì í fa ikọ́ àti imú tó ń ṣomi. Ó kó o lára ẹlòmíràn ni, torí ààbò abẹ́rẹ́ ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kó tó múlẹ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán, tí abẹ́rẹ́ yìí kì í dí lọ́nà.

Ojú tó wú tàbí èémí tí kò já geere lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló yẹ ká sáré sí. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ.

Nọ́ọ̀sì kan,
Ìlọrin