Lẹ́tà sáà kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: ohun tí olùkọ́ eré ìdárayá wa béèrè, àti ìdí tó fi béèrè rẹ̀

Kétu

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ọyẹ́. Ìwé èsì sáà kìíní ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó bi ọmọ rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì dá a padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé tó kù, akápò ti bá àwọn tó kàn sọ̀rọ̀, n kò ní tún un sọ níbí.

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Olùkọ́ eré ìdárayá wa kọ lẹ́tà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Ó kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí, ó sì kọ irú rẹ̀ sí bàbá oníṣòwò kan nínú ìlú wa níbí, tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì, pákó àti irin ìkọ́lé. Àwọn òbí kan gbọ́ pé a ń tọrọ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì bi mí pé ṣé bọ́ọ̀lù ló yẹ ká máa tọrọ nígbà tí àga kò tó. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí gbogbo yín mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà.

Ìdánwò eré ìdárayá wà lára BEPC àti bakaloréà. Máàkì rẹ̀ ń wọ inú àpapọ̀ máàkì ọmọ gẹ́gẹ́ bí ti ìṣirò. Ṣùgbọ́n kíláàsì tó fẹ́ ṣe BEPC lọ́dún yìí, ọmọ 56 ló wà nínú ọ̀kan nínú wọn, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù kan ṣoṣo la sì ní. Olùkọ́ náà ṣe ìṣirò kan sínú lẹ́tà rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé èmi fúnra mi dáadáa. Ká ní ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò ogún ìṣẹ́jú àáyá láti sáré, kó fò, kó ju bọ́ọ̀lù sílé, kó sì gbé e padà fún ẹni tó kàn. Pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan, ọmọ tó jù ú tán yóò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 kó tó tún kàn án. Nínú wákàtí kan gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kan bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá di mẹ́jọ, ọmọ méje ni yóò wà nídìí ọ̀kan. Kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún kan olúkúlùkù, ọmọ kan yóò sì jù ú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú wákàtí kan náà. Olùkọ́ kan náà, pápá kan náà, wákàtí kan náà.

Ohun mìíràn tún wà tí ìṣirò kò lè fi hàn, àmọ́ mo máa ń rí i láti fèrèsé ọ́fíìsì mi. Níbi tí bọ́ọ̀lù bá ti jẹ́ ọ̀kan, àwọn ọmọkùnrin tó lágbára ló máa ń gbà á. Àwọn ọmọbìnrin á lọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á ní inú ń run àwọn, olùkọ́ kò sì lè fi agbára mú wọn dúró síbi tí kò sí ohun tí wọn yóò ṣe. Máàkì wọn nínú ìdánwò eré sì ń lọ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù mẹ́jọ ló béèrè, kì í ṣe «bọ́ọ̀lù díẹ̀». Ó sì sọ ìwọ̀n wọn. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo. Nọ́ńbà kìíní, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 sí 52, wà fún ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọdún 14 lọ àti ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọdún 12 lọ. Nọ́ńbà kejì, sẹ̀ǹtímítà 54 sí 56, wà fún àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nọ́ńbà kẹta, ti àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà, ni èyí tí ọjà sábà máa ń ní, òun náà sì ni èyí kan ṣoṣo tí a ní. Ẹ wo ọmọ tí bọ́ọ̀lù tóbi jù fún: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò lè dì í mú, àyà ló fi ń gbà á, abẹ́ apá ló sì ń gbà jù ú bí ẹni ń da omi nù. Bí ọmọ bá ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ béèrè nọ́ńbà kìíní mẹ́ta àti nọ́ńbà kejì márùn-ún. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ rà wọ́n mú okùn ìwọ̀n aránṣọ dání lọ sọ́jà, kó fi yí bọ́ọ̀lù ká kó tó sanwó, torí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀lù kì í fìgbà gbogbo bá bọ́ọ̀lù mu.

Irin róbótó tí wọ́n ń jù náà wà nínú ohun tó béèrè, mẹ́rin: méjì tó wọn kìlò 3 fún àwọn ọmọbìnrin, méjì tó wọn kìlò 4 fún àwọn ọmọkùnrin. Òkúta ni àwọn ọmọ wa ń fi kọ́ ọ báyìí. Kò sí ẹni tó mọ bí òkúta náà ti wúwo tó, kò sì rí róbótó, nítorí náà ó máa ń yọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá sì bẹ̀rù pé yóò bọ́ kì í gbé e mọ́ ọrùn mọ́, yóò kàn sọ ọ́ láti èjìká bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò. Lọ́jọ́ ìdánwò, irú jíjù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbà.

Ìyókù kò pọ̀: bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, pọ́ǹpù kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀, okùn ìwọ̀n mítà 30 kan, yanrìn ọkọ̀ kan fún kòtò tí wọ́n ń fò sí, àti pákó fún àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Kò béèrè aṣọ eré. Èyí ya àwọn kan lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀, torí aṣọ eré ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fẹ́ràn láti fún ilé ìwé: orúkọ wọn á hàn lẹ́yìn ọmọ. Ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́rìnlá, ọmọ mẹ́rìnlá ló ń wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ ìdíje nìkan. Dípò rẹ̀, ó kọ ọ́ pé a óò kun orúkọ ẹni tó bá fún wa sára àpótí náà. Kò sì béèrè ibùsùn tìmùtìmù fún fífò sókè. Owó rẹ̀ pọ̀, òjò àti eku á sì bà á jẹ́ torí a kò ní yàrá tí a lè tì í mọ́. Títí a ó fi ní in, a ò ní gba ọmọ kankan láyè láti fi ẹ̀yìn fò.

Iye owó tó kọ sílẹ̀ rèé, lẹ́yìn tó béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò méjì. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù mẹ́jọ ní 7,000 fáráńkì ọ̀kan, ó jẹ́ 56,000. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ní 6,000, ó jẹ́ 36,000. Irin mẹ́rin ní 9,000, òun náà 36,000. Pọ́ǹpù àti abẹ́rẹ́, 5,000. Okùn ìwọ̀n, 7,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 140,000 fáráńkì, láìka yanrìn àti pákó. Bọ́ọ̀lù tó yàn jẹ́ onírọ́bà tí wọ́n dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa níbí le, ó sì ní òkúta wẹ́wẹ́, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bó lórí rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti olùkọ́ lọ rí bàbá oníṣòwò náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: «Àwọn tí mo ti fún rí, n kò mọ ibi tí wọ́n kó o sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ti yín?» Ìdáhùn wà nínú lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Ìwé kan yóò wà nínú àpótí. Olórí kíláàsì yóò kọ iye tó mú jáde àti iye tó dá padà, yóò sì fọwọ́ sí i. Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ yóò kọ ojú ìwé kan sí bàbá: mélòó ló ṣì dára, mélòó ló bàjẹ́, kí ló bà á jẹ́. Ó tiẹ̀ kọ ohun tó sábà máa ń ba bọ́ọ̀lù jẹ́ síbẹ̀: abẹ́rẹ́ tí wọn kò fi omi tútù díẹ̀ rẹ kí wọ́n tó tì í bọ ihò, tó sì ń ya ihò náà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ṣe àga, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Èyí tó bá ń rọ̀, wọn yóò tì í sínú omi. Bí omi bá ń hó jáde ní ihò, abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Bó bá ń hó lára, ẹ̀gún ni.

Bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. Wọ́n gbà láti ra bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù mẹ́jọ náà. Wọ́n fi okùn ìwọ̀n, pákó àti ọkọ̀ yanrìn kún un láti inú ọjà wọn, torí ìyẹn rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju owó lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí gba bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti pọ́ǹpù, 41,000 fáráńkì. Ẹni mẹ́ta ni yóò lọ rà wọ́n: olùkọ́, akápò ẹgbẹ́ òbí, àti òbí kan tí ìpàdé bá yàn. Wọn yóò sì lẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó mọ́ ara pátákó ilé ìwé.

Irin mẹ́rin ló kù, 36,000 fáráńkì. A ò ní pín in lé ọmọ lórí, a ò sì ní lé ọmọ kankan sílé nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nínú rẹ̀, akápò ẹgbẹ́ òbí nìkan ni kó fún lówó, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi rán ọmọ. Òbí tó bá jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, a fẹ́ kó bá wa kan àpótí náà.

Yanrìn yóò dé ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lè wá, kó mú ṣọ́bìrì àti ajọ̀ dání ní aago méje òwúrọ̀, torí a gbọ́dọ̀ jọ òkúta àti ìgò fífọ́ kúrò nínú yanrìn náà kí ọmọ kankan tó fò sínú rẹ̀. Ìpàdé òbí yóò tẹ̀lé e ní aago mẹ́wàá, nínú gbọ̀ngàn.

Ọ̀gá ilé ìwé